Ìtọ́wò fídíò: kí ni kí n fi han oníbàárà kó tó sanwó?

Ẹdítọ̀ Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọkùnrin kan tó ń ya fídíò òde ní London fi fídíò ìgbéyàwó tí ẹnì kankan kò tíì gé ránṣẹ́ sí mi, bíi wákàtí méjì. Ó ní kí n gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí òun lè mọ bí ọwọ́ mi ṣe rí, pé tó bá dára, òun á máa fún mi ní iṣẹ́ mẹ́ta lóṣooṣù. Kò tíì san kọ́bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo fi odidi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní 1080p pé kó kàn wò ó. Ó gbé e sórí ìkànnì ara rẹ̀, kò sì dá mi lóhùn mọ́ títí dòní. Kí ni kí n fi han eléyìí tí á fi gbà pé mo mọṣẹ́, tí iṣẹ́ náà kò sì ní bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́?

Akin Oníkámẹ́rà:

Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Fi lógò rẹ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, gbé fídíò náà sórí Google Drive, kí o sì dí ibi tí wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀. Á wò ó níbẹ̀, kò ní lè mú un lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti bí ọdún méjì, ẹnikẹ́ni kò jí tèmi.

Àǹtí Olùgé:

Akin, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Dídí ìgbàsílẹ̀ lórí Drive máa ń dá ẹni tí kò fẹ́ ṣe wàhálà dúró. Ṣùgbọ́n fóònù òde òní lè ká ohun tó ń lọ lójú ara rẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn á tẹ bọ́tìnì kan, á jẹ́ kí fídíò náà ṣeré tán, ó ti di tirẹ̀. Ẹni tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe fún á fi fóònù kejì ya ojú kọ̀ǹpútà.

Lógò igun wá ńkọ́? Òòró ni àwọn èèyàn ń wo fídíò báyìí. Ẹni tó bá gé fídíò 1920 sí 1080 rẹ sí òòró kó lè bá ojú fóònù mu, àárín nìkan ló máa mú, bíi 608 nínú 1920 yẹn. Apá ọ̀tún àti apá òsì ti lọ, lógò rẹ sì ti bá wọn lọ. Ẹni náà lè má tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti pa orúkọ rẹ rẹ́, fóònù ló bá a ṣe é.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ni ohun tí oníbàárà fẹ́ fi fídíò náà ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹdítọ̀ máa ń sọ pé kí a fi 480p ránṣẹ́, pé kò ní wúlò fún un. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, òótọ́ ni, á rí bàìbàì. Lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, 480p mọ́ tónítóní, nítorí WhatsApp fúnra rẹ̀ máa ń fún fídíò pọ̀ kó tó gbé e jáde. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹni náà fẹ́ gbé e sí, kò sí ohun tí 480p dí. Ohun tó ń dáàbò bo iṣẹ́ wa ni pé kí àmì wọ́tamáàkì máa gba ojú àwọn èèyàn inú fídíò kọjá, kó máa rìn, kí a má sì fi odidi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Adùnní Alátíkè:

Ẹ jọ̀ọ́, ó ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ṣe fídíò bí mo ṣe ń kun ojú ìyàwó, ẹnì kan sì ń kó o, ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ṣé kí n fi wọ́tamáàkì tó ń rìn yìí gba ojú ìyàwó kọjá?

Àǹtí Olùgé:

Rárá, Adùnní. Tìrẹ yàtọ̀. Ìwọ fẹ́ kí gbogbo ayé rí iṣẹ́ náà, kí orúkọ rẹ sì máa bá a kiri. Àmì tó bo ojú á lé àwọn tó yẹ kó pè ọ́ fún iṣẹ́. Kọ orúkọ rẹ ní kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n tàbí ìdí ọrùn ìyàwó, níbi tí wọn kò ti lè gé e kúrò láìgé ojú tí o kùn. Ti Òṣogbo jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo yẹ kó rà, tí kò sì tíì rà á.

Ẹdítọ̀ Òṣogbo:

Ẹ ṣé, àǹtí. Àmọ́ tí àmì bá ń gba ojú kọjá, báwo ni ọkùnrin yìí ṣe máa rí àwọ̀ tí mo ṣe? Àwọ̀ gan-an ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Wọ́n tan iná elésè àlùkò sí gbogbo gbọ̀ngàn náà, ojú àwọn èèyàn dà bí ẹni tí wọ́n rì sínú aró.

Àǹtí Olùgé:

Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan tí mo ṣe ṣàlàyé. Ọ̀gá kan tó ń ya fídíò ní Abẹ́òkúta ló gbé e wá, irú tìrẹ gan-an, ó fẹ́ rí ọwọ́ mi kó tó fọkàn tán mi. Ó ní kí n gé ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo sọ fún un pé ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni mo máa gé, mo sì ní kó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àmì máa wà lórí rẹ̀.

Mo wo gbogbo fídíò rẹ̀, mo wá ibi tó le jù lọ, tí ọkàn ayẹyẹ náà kò sì sí níbẹ̀. Ibi tí mo mú ni ibi tí àwọn àlejò ti ń jó tẹ̀lé onígángan. Kámẹ́rà mẹ́ta ló yà á, iná tó bọ́ sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ọ̀kan nínú wọn kò tiẹ̀ gba ohùn dáadáa. Mo tò wọ́n kí ìlù lè bá ẹsẹ̀ àwọn oníjó mu, mo ń gé e lórí ìlù, mo sì mú àwọ̀ ara àwọn èèyàn bọ̀ sípò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á rí gbogbo rẹ̀ láàrin ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ́ níbẹ̀, kò sí òrùka, kò sí ibi tí àwọn òbí ti gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí tí wọ́n ń ṣàdúrà. Kò sí tọkọtaya tó máa gba fídíò ìgbéyàwó tí ìwọ̀nyí kò sí nínú rẹ̀. Ká ní ó gbé e sá lọ, kò ní rí ẹni tó máa tà á fún.

Àmì náà nìyí. Mi ò kọ orúkọ mi nìkan sí i. Mo kọ ọ́ pé ìtọ́wò ni, mo kọ orúkọ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí, mo sì kọ pé kò tíì sanwó. Lẹ́tà náà ga tó nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gíga fídíò. Mo dín Opacity rẹ̀ kù sí bíi 35, kí èèyàn lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá jẹ́ kó máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti apá kan dé apá kejì. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ máa rìn ni pé àwọn áàpù tí ń pa àmì rẹ́ ń wá ohun tó dúró sójú kan, wọ́n á yá àwòrán ìtòsí rẹ̀ láti fi dí ojú ibẹ̀. Tí àmì bá dúró lórí ògiri tàbí ojú ọ̀run, ó máa ń parẹ́ pátápátá. Tó bá ń gorí gèlè, tó ń gba orí léèsì àti ojú èèyàn kọjá, ẹni tó bá fẹ́ pa á rẹ́ á fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ ní jákujàku, gbogbo ẹni tó bá wò ó á sì rí i.

Ní ti àwọ̀, mo fi àwòrán mẹ́ta tí kò rìn kún un. Ìdajì òsì àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ bó ṣe wá láti inú kámẹ́rà, ìdajì ọ̀tún jẹ́ bí mo ṣe tún un ṣe, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàrin. Mi ò fi àmì sí wọn lójú. Àwòrán tí ìdajì ojú ìyàwó dà bí aró, tí ìdajì kejì mọ́, ẹnikẹ́ni kò lè fi ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ ó ń sọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe ju fídíò lọ.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo gbé e sórí fóònù mi, mo gé àárín rẹ̀ sí òòró fúnra mi, mo sì dá a dúró níbi mẹ́wàá. Tí mo bá rí ibi tí ojú èèyàn ti mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láìsí lẹ́tà kankan lórí rẹ̀, mo máa ń padà lọ tún un ṣe.

Ará Mushin:

Àǹtí, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kó gé ohunkóhun rárá. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá láti inú kámẹ́rà mẹ́ta, odidi ọjọ́ kan ni. Ta ló ń san owó ọjọ́ yẹn? Kó fi iṣẹ́ tó ti ṣe fún ẹlòmíràn hàn án, èyí tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tán, tí wọ́n sì gbà kó fi hàn. Télọ̀ kì í rán apá ọ̀tún ẹ̀wù kí oníbàárà tó mọ̀ pé ó mọ abẹ́rẹ́ dì mú.

Àǹtí Olùgé:

Ará Mushin, tí ẹni náà bá jẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ tó fẹ́ fídíò ayẹyẹ ara rẹ̀, mo fara mọ́ ọ. Iṣẹ́ àtijọ́ ti tó. Ti ẹni tó ń ya fídíò fúnra rẹ̀ yàtọ̀, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tí o lè fi fídíò tirẹ̀ ṣe, pẹ̀lú iná burúkú tirẹ̀ àti ohùn burúkú tirẹ̀. Iṣẹ́ àtijọ́ rẹ lè dára nítorí pé ẹlòmíràn yà á dáadáa. Ní ti owó ọjọ́ yẹn, òótọ́ ni o sọ. Èmi máa ń béèrè owó kékeré fún ìtọ́wò báyìí, mo sì máa ń yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún mi. Àwọn kan máa ń sá tí mo bá béèrè.

Ará Mushin:

Àwọn tó sá yẹn gan-an ni wọn ò ní sanwó. Mi ò tíì yí ọkàn padà.

Kọ̀ǹpútà Ọ̀yọ́:

Ẹni tí kò bá fẹ́ máa padà sínú ẹ̀rọ ẹdíìtì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fi àmì sí nǹkan lè lo ffmpeg, áàpù tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí. Gbé iṣẹ́ jáde bó ṣe yẹ, kí o wá kọ àṣẹ yìí nínú fódà tí iṣẹ́ náà wà:

```
ffmpeg -i ise.mp4 -vf "scale=-2:480,drawtext=fontfile=arial.ttf:text='ITOWO - LONDON 1 - KO TII SANWO':fontsize=32:fontcolor=white@0.35:x='mod(t*40,w+tw)-tw':y='h/2+h/4*sin(t/3)'" -c:v libx264 -crf 28 -c:a aac -b:a 96k itowo.mp4
```

Á sọ fídíò di 480p, á kọ ọ̀rọ̀ náà sójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á máa rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún, á sì máa lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Nǹkan méjì ló máa ń dà á rú lórí Windows. Tó bá ní òun kò rí fọ́ńtì, da arial.ttf kọ láti C:\Windows\Fonts sínú fódà tí fídíò wà. Ìkejì, tí o bá fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ náà, ó lè jáde ní àpótí kékeré tàbí lẹ́tà tí kò nítumọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ láìní àmì ohùn. Má sì kọ kólọ́ọ̀nù, ìyẹn àmì tótó méjì tó gun orí ara wọn, sínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ffmpeg máa rò pé ìtọ́ni mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Àǹtí Olùgé:

Ọ̀yọ́, mo gbìyànjú rẹ̀ báyìí. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ níbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló fi ń wọlé láti ẹ̀yìn ojú fídíò, kò tíì sí nǹkan lójú èèyàn ní gbogbo àkókò yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà tó rìn dé òpin tó ń padà bọ̀.

Kọ̀ǹpútà Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣé, àǹtí, mi ò kíyè sí i. Ẹ sọ x rẹ̀ di èyí, á ti wà lójú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀:

```
x='mod((t+15)*40,w+tw)-tw'
```

Kí ibi tó ti ń padà bọ̀ má bàa ṣófo, ẹ fi kọ́mà sí ẹ̀yìn drawtext àkọ́kọ́, kí ẹ tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ti ẹ̀ẹ̀kejì máa bọ̀ láti apá ọ̀tún:

```
x='w-mod(t*40,w+tw)'
```

Ẹ yí y rẹ̀ náà padà sí h/8 kí méjèèjì má bàa máa gun ara wọn. Ìgbàkigbà tí ọ̀kan bá jáde, èkejì á wà láàrin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Àwa tí a ń lo DaVinci Resolve, ó wà ní Workspace, lẹ́yìn náà Data Burn-In, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú Custom Text. Kò lè rìn bí ti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé e sí àárín gbùngbùn. Ẹ kíyè sára o. Mo fi ṣe ìtọ́wò fún ìyá kan tó ṣe ọgọ́ta ọdún. Ó sanwó tó kù, mo gbé iṣẹ́ tó parí jáde lóru, mo fi ránṣẹ́, mo sùn. Bí mo ṣe jí, ọmọ rẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Àwọn ẹbí ti jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ "KÒ TÍÌ SANWÓ" sì wà ní àyà màmá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Ìtìjú yẹn kò tíì kúrò lára mi. Tí ẹ bá dé ojú Deliver, ẹ wo Advanced Settings, kí ẹ sọ Data burn-in di None fún iṣẹ́ tó parí. Kí ẹ sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí fóònù kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ẹdítọ̀ Òṣogbo:

Ọmọ Ìjẹ̀bú, pẹ̀lẹ́ o. Premiere Pro ni èmi ń lò. Mo rí Image Overlay ní ibi Effects nígbà tí mo fẹ́ gbé fídíò jáde. Ìyẹn náà kò rìn, àbí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Kò rìn. Àwòrán PNG ló ń gbà. Ohun tí o lè ṣe ni pé kí o kọ ọ̀rọ̀ náà níbi márùn-ún tàbí mẹ́fà káàkiri PNG kan náà, kó dábùú, kó kún ojú fídíò. Tí o bá sì fẹ́ kó rìn, kọ ọ́ sórí táìmùláìnì fúnra rẹ̀ kí o fi Position sún un. Inú CapCut náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Ìyàwó Ìléṣà:

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi kì í ṣe ẹdítọ̀. Oníbàárà ni mí. Mo ń ka ohun tí ẹ ń kọ, ó sì ń dùn mí, torí ó dà bí ẹni pé olè ni gbogbo wa. Nígbà ìgbéyàwó mi, mo san ₦210,000 sílẹ̀ nínú ₦300,000. Ọkùnrin náà fi ìtọ́wò kan ránṣẹ́ tí wọ́tamáàkì rẹ̀ nípọn débi pé mi ò rí ojú màmá mi. Ó ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kó tún ṣe. Kí ni mo fẹ́ sọ nígbà tí mi ò rí nǹkan kan? Mo san ìyókù nítorí ó ti sú mi. Orúkọ ọkọ mi tí wọ́n kọ sójú fídíò kò tọ̀nà, àmì náà ló bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní owó mìíràn ni àtúnṣe.

Àǹtí Olùgé:

Ìyàwó Ìléṣà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Wọ́n ṣe yín níbi. Ìtọ́wò oníbàárà tó ti san àsansílẹ̀ kò gbọdọ̀ rí bíi ti àjèjì tó fẹ́ dán ọwọ́ wò. Ẹ ti san ìdá méje nínú mẹ́wàá, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí odidi iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún irú yín, Opacity 15 sí 20 ni mo ń lò, mo máa ń jẹ́ kí àkókò hàn ní igun òkè kí oníbàárà lè sọ pé, "Ní 2:14, orúkọ náà kò tọ̀nà," mo sì máa ń kọ gbogbo orúkọ tó wà nínú fídíò sórí WhatsApp lọ́tọ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àtúnṣe orúkọ tí èmi fúnra mi kọ ṣì, mi ò lè gbowó lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹdítọ̀, ohun tó ń ba oníbàárà lẹ́rù ni pé òun á sanwó tán, a ò sì ní dáhùn mọ́. Ohun tí mo ń ṣe sí i ni pé mo máa ń gbé iṣẹ́ tó parí sórí Drive kí wọ́n tó san ìyókù, mo sì tì í pa. Mo ya fọ́tò ojú Drive, orúkọ fáìlì àti bó ṣe tóbi hàn níbẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Owó dé, mo ṣí i fún wọn lójú ẹsẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo bá gbé jáde ní 16 Mbps tó bíi 480MB. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn owó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, pẹ̀lú dátà wa yìí, wọ́n lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí rò pé mo ti sá lọ.

Ìyàwó Ìléṣà:

Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, inú mi ì bá dùn. Orúkọ náà ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Dídẹ́ Oníjíńgù:

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ohùn? Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn DJ ṣe ń ṣe é, orúkọ wọn á kàn já lu orin. Mo ní kí ọmọbìnrin kan sọ "Ìtọ́wò ni o!" sínú fóònù, mo ń fi sí gbogbo ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá gé ojú fídíò, á bá ohùn níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Mo dán an wò, mo sì jáwọ́. Oníbàárà mi ní òun ò mọ̀ bóyá orin náà bá ibi tí mo gé mu, nítorí ohùn yẹn ń já lu àdúrà bàbá rẹ̀.

Dídẹ́ Oníjíńgù:

Ibi tí èèyàn kò ti sọ̀rọ̀ ni kí o fi í sí, kì í ṣe orí àdúrà.

Àǹtí Olùgé:

Fún àjèjì tó fẹ́ rí ogójì ìṣẹ́jú àáyá, ohùn yẹn dára. Ẹni tó fẹ́ ojú fídíò nìkan ṣáà lè pa ohùn rẹ́ kó fi orin mìíràn sí i, nítorí náà kò lè rọ́pò àmì ojú.

Òṣogbo, ohun kan ṣẹ́kù tí mo fẹ́ kí o ṣe. Má fi fáìlì kan náà ránṣẹ́ sí ẹni méjì. Mo ṣe iṣẹ́ kan rí tí ìyàwó, ẹni tó ya fídíò, àti ẹni tó ṣètò ayẹyẹ náà jọ fẹ́ rí ìtọ́wò. Mo kọ 1 sí ti àkọ́kọ́, 2 sí ti èkejì, 3 sí ti ẹ̀kẹta. Nígbà tó jáde sórí ìkànnì kí owó tó pé, 3 ló wà lójú rẹ̀. Ìyàwó náà ti ń bínú sí ẹni tó ya fídíò, mo fi nọ́ńbà yẹn hàn án, ó sì mọ ẹni tó yẹ kó pè. Ìdí tí "LONDON 1" fi dára nínú ohun tí Ọ̀yọ́ kọ nìyẹn.

Ẹdítọ̀ Òṣogbo:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ṣe é. Mo mú ibi tí wọ́n ti ń gé kéèkì nínú iná elésè àlùkò yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 38. Mo fi àwòrán onídajì mẹ́ta bíi ti àǹtí kún un. Ìlà méjì ti Ọ̀yọ́ ni mo lò, mo gé e sí òòró lórí fóònù bí àǹtí ṣe wí, mo sì rí ibì kan tí ojú ìyàwó ti mọ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Mo mú kí ìlà kejì lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó bò ó.

Ọkùnrin náà pè mí fúnra rẹ̀. Àwòrán onídajì ló sọ̀rọ̀ lé lórí jù, ó ní ẹni tó ń gé fún òun tẹ́lẹ̀ sọ pé iná yẹn kò ṣeé tún ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi èyí tí kò ní àmì ránṣẹ́, àti fáìlì Premiere rẹ̀, kí òun fi han ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́. Kí ni kí n wí?

Ará Mushin:

Ṣé o rí i? Mo ti sọ.

Àǹtí Olùgé:

Má fi fáìlì Premiere ránṣẹ́ rárá. Òun ló ní fídíò tútù yẹn, ó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tí fáìlì rẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á so ó mọ́ fídíò tirẹ̀, gbogbo ibi tí o ti gé, gbogbo àwọ̀ tí o ṣe, á yọ láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Á tiẹ̀ lè da àwọ̀ náà kọ sórí ìyókù wákàtí méjì yẹn. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sọ pé o lè fi hàn án lórí Google Meet, kí o ṣí iṣẹ́ náà lójú kọ̀ǹpútà rẹ, kí o pa àwọ̀ kí o tún tàn án lójú rẹ̀. Ìyẹn á fi hàn pé ìwọ lo ṣe é. Wọ́n lè ká a sílẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá gba orí ìpè wá kì í mọ́, ìṣẹ́jú àáyá 38 náà ni kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹdítọ̀ Òṣogbo:

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lánàá, mo sì sọ pé ìdajì owó ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé ọjọ́ Ẹtì ni àwọn á wá sórí ìpè náà. Kò sọ nǹkan kan lórí owó. Mo ti gbé fídíò tútù rẹ̀ sí díráìfù kan lọ́tọ̀, mi ò tíì gé ìyókù.